Bí a ṣe ń wá ìdàkejì nọ́mbà nínú mọ́dù: ẹ jẹ́ kí àṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rí tirẹ̀

Ọmọkùnrin kan wá bá mi ní yàrá tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Bébà mẹ́ta ló mú dání, ó sì ti kọ̀wé kún iwájú àti ẹ̀yìn wọn. Ìbéèrè tó wà lókè bébà àkọ́kọ́ kò ju ìlà kan lọ: wá ìdàkejì 37 nínú mọ́dù 101. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ṣe é. Ìdáhùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí."

Mo yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Pínpín tó ṣe pé pérépéré, kò ṣìṣe níbì kankan. Ìgbà tó ń gun òkè padà, tó ń fi ìlà ìsàlẹ̀ rọ́pò ti òkè, ló ṣìnà. Mo ti rí i lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro máa ń wà.

Ọ̀nà tí mo fi hàn án lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ síbí. Pínpín kan náà ni, èyí tó ti wà nínú ìwé Yúkílìdì ará Gíríìkì láti nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù: ẹ fi kékeré pín ńlá, ẹ fi àṣẹ́kù pín kékeré, ẹ tún fi àṣẹ́kù tuntun pín àṣẹ́kù àtẹ̀yìnwá, títí kò fi ní ṣẹ́ ku nǹkan kan mọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a ò ní gun òkè padà rárá. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ la ó máa kọ ẹ̀rí kan sí ẹ̀gbẹ́ àṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan. Tí àṣẹ́kù bá fi máa di 1, ìdáhùn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí à ń pè ní ìdàkejì

Ẹni tó bá ń ná ọjà ọrọọrún ti mọ ìdàkejì, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Àlàfo ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan sí èkejì. A máa ń ka ọjọ́ ọjà tòní mọ́ ọn ni a fi ń pè é ní ọrún. Ọ̀sẹ̀ tí a fi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ méje. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí Ẹtì, èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn á bọ́ sí Ìṣẹ́gun. Ẹ wò ó dáadáa: a ti ná ọjà méjì, ọjọ́ mẹ́jọ ti lọ, síbẹ̀ ọjọ́ kan péré la fi sún síwájú nínú ọ̀sẹ̀, láti Ajé sí Ìṣẹ́gun. 4 × 2 jẹ́ 8. Ẹ yọ 7 kúrò, ó ku 1. Nítorí náà, 2 ni ìdàkejì 4 nínú mọ́dù 7.

Mọ́dù ni nọ́mbà tí a máa ń yọ dànù nígbàkígbà tí ìṣirò bá ti kún tó o, tó fi jẹ́ pé àṣẹ́kù nìkan là ń wò. Ìdàkejì nọ́mbà kan ni èyí tí ẹ máa fi sọ ọ́ di púpọ̀ tí àṣẹ́kù á fi jẹ́ 1.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ ká lè ti ìdáhùn padà sí ìbéèrè. Ká ní ìyá kan fẹ́ mọ ìgbà tí ọjà máa bọ́ sí Àbámẹ́ta, nígbà táwọn ọmọ tó máa bá a ru ẹrù kò ní lọ sílé ìwé. Láti Ajé sí Àbámẹ́ta jẹ́ ọjọ́ 5. A ti mọ̀ pé ọjà 2 ló ń sún wa ní ọjọ́ 1, nítorí náà ọjà 10 ló máa sún wa ní ọjọ́ 5. Ẹ yọ 7 nínú 10, ó ku 3. Ọjà kẹta sí ti òní ni. Ẹ kà á: Ẹtì, Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta.

Ẹ ṣọ́ra níbí yìí o. Ẹni tó bá tìtorí pé a ń pè é ní ọrún kọ 5 sílẹ̀ dípò 4, 3 ló máa rí bí ìdàkejì, torí pé 5 × 3 jẹ́ 15, tí 15 sì jẹ́ 7 lọ́nà méjì pẹ̀lú 1. Ìṣirò rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ọjà tó bá lọ ná kò ní bá a níbẹ̀. Àlàfo gan-an la ń kọ, kì í ṣe iye tí ẹnu ń dá.

Nínú mọ́dù 7, ẹ lè fi ìka kà á. Nínú mọ́dù 101, ẹ lè dán tó ọgọ́rùn-ún nọ́mbà wò kí ẹ tó kan èyí tó tọ́. Ibi tí pínpín ti wúlò nìyẹn.

Ẹ̀rí tí à ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣẹ́kù

Ẹ jẹ́ ká mú 37 àti 101 tí ọmọkùnrin yẹn gbé wá. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó yé yín kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni ìtumọ̀ ẹ̀rí. Ẹ̀rí àṣẹ́kù kan ni nọ́mbà tó jẹ́ pé, tí ẹ bá fi sọ 37 di púpọ̀, tí ẹ sì yọ gbogbo 101 tó wà níbẹ̀ dànù, àṣẹ́kù yẹn gan-an lẹ máa rí. Ìyẹn ni pé ẹ̀rí ń sọ fún wa iye 37 tó di àṣẹ́kù náà.

Méjì la ti mọ̀ láìṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ̀rí 37 fúnra rẹ̀ ni 1, torí 37 kan ló di 37. Ẹ̀rí 101 ni 0, torí nínú mọ́dù 101, 101 kò yàtọ̀ sí òfo, a kò sì nílò 37 kankan láti dé òfo. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, 101 lókè, 37 nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí nọ́mbà tí wọ́n fún yín bá ju mọ́dù lọ, bíi 239, ẹ kọ́kọ́ yọ 101 kúrò níbẹ̀ títí yóò fi kéré sí i. 239 á di 37, ẹ̀yin á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Òfin tó kù jẹ́ ẹyọ kan. Ohun tí ẹ bá ṣe fún àwọn àṣẹ́kù, òun náà ni kí ẹ ṣe fún ẹ̀rí wọn. Bí ẹ bá mú ìlọ́po méjì 37 kúrò nínú 101 láti rí àṣẹ́kù, ẹ mú ìlọ́po méjì ẹ̀rí 37 kúrò nínú ẹ̀rí 101. Bí a bá fẹ́ kọ ọ́ bí oníṣirò ṣe ń kọ ọ́, òun nìyí:

```
ẹ̀rí tuntun = ẹ̀rí ìlà kejì sókè − (iye ìgbà × ẹ̀rí ìlà òkè)
```

Ó yá, ẹ mú bébà

Ìpín àkọ́kọ́. 37 wọ inú 101 ní ẹ̀ẹ̀mejì, ìyẹn 74, ó ṣẹ́ ku 27. Ẹ̀rí: 0 − 2 × 1 = −2. Ẹ má lọ sí ìlà tó kàn kí ẹ tó wádìí rẹ̀. 37 × −2 jẹ́ −74. Ẹ fi 101 kún un, ó di 27. Ẹ̀rí yẹn kò purọ́.

Ìpín kejì. 27 wọ inú 37 lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́ ku 10. Ẹ̀rí: 1 − 1 × (−2). Ẹ dúró síbí díẹ̀. Òdì méjì ló fojú kojú yẹn, ó sì di àròpọ̀: 1 + 2 = 3. Ẹ wádìí rẹ̀: 37 × 3 jẹ́ 111, ẹ yọ 101, ó ku 10.

Ìpín kẹta. 10 wọ inú 27 ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó ṣẹ́ ku 7. Ẹ̀rí: −2 − 2 × 3 = −8. 37 × −8 jẹ́ −296, a sì fi 101 mẹ́ta, ìyẹn 303, kún un, ó di 7.

Ìpín kẹrin. 7 wọ inú 10 lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́ ku 3. Ẹ̀rí: 3 − 1 × (−8) = 11. 37 × 11 jẹ́ 407, 101 mẹ́rin jẹ́ 404, ó ku 3.

Ìpín karùn-ún. 3 wọ inú 7 ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó ṣẹ́ ku 1. Ẹ̀rí: −8 − 2 × 11 = −30.

A ti dé 1, nítorí náà ẹ̀rí 1 ni à ń wá. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí lórí bébà nìyí:

| Iye ìgbà | Àṣẹ́kù | Ẹ̀rí |
|---|---|---|
| | 101 | 0 |
| | 37 | 1 |
| 2 | 27 | −2 |
| 1 | 10 | 3 |
| 2 | 7 | −8 |
| 1 | 3 | 11 |
| 2 | 1 | −30 |

Ìdáhùn jẹ́ òdì, àwọn olùkọ́ sì sábà máa ń fẹ́ nọ́mbà tó wà láàárín 1 sí 100. Ẹ fi mọ́dù kún un lẹ́ẹ̀kan: −30 + 101 = 71. Ìdàkejì 37 nínú mọ́dù 101 ni 71. Ẹ wádìí rẹ̀ tààrà: 37 × 71 = 2627, 26 × 101 = 2626, ó ku 1.

Ẹ tún lè fi iṣẹ́ wò ó. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi nọ́mbà 58 pamọ́, tó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 37, á rí 2146. Tó bá yọ 101 mọ́kànlélógún kúrò, ó ku 25. 25 yẹn ló máa fi ránṣẹ́. Ẹni tó mọ 71 á ṣe 25 × 71, á rí 1775, á yọ 101 mẹ́tàdínlógún kúrò, 58 á sì yọjú padà.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ti ṣìṣe

Wíwádìí ìlà kọ̀ọ̀kan tí mo ń sọ yìí ni mo kà sí pàtàkì jù. Ó lè dà bíi pé ó ń fa iṣẹ́ gùn, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí àṣìṣe ìlà kejì bá yín dé ìlà keje. Ọmọkùnrin yẹn kò ní irú rẹ̀. Ọ̀nà gígun-òkè-padà tó lò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Ó kọ 1 = 7 − 2 × 3, ìyẹn tọ́. Ó wá fi 10 − 7 rọ́pò 3, ó kọ ọ́ báyìí:

```
1 = 7 − 2 × (10 − 7)
```

Ìyẹn náà tọ́. Nígbà tó ń tú àkámọ́ náà, ó kọ 7 − 2 × 10 − 2 × 7. Òdì tó wà lẹ́yìn 10 àti òdì tó wà níwájú 2 ló yẹ kó para pọ̀ di àròpọ̀, kó sì fún un ní 3 × 7 − 2 × 10. Ó sọ àròpọ̀ náà di òdì, kò sì sí ohunkóhun ní ìlà yẹn tó máa kígbe fún un pé ibẹ̀ kò dára. Ó ń gùn lọ sókè pẹ̀lú àṣìṣe náà ni. Nígbà tó tún un ṣe, ó tún ṣìṣe níbòmíràn. Bí ìdáhùn ṣe di mẹ́rin nìyẹn.

Yàtọ̀ sí wíwádìí ìlà kọ̀ọ̀kan, àmì méjì wà tí mo máa ń fi ojú wá lórí bébà akẹ́kọ̀ọ́ kí n tó ka ohunkóhun. Èkíní, àmì ẹ̀rí gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀: òdì, àìlódì, òdì, àìlódì. Tí òdì méjì bá tẹ̀ léra, tàbí tí ẹ̀rí kan bá kéré sí èyí tó wà lókè rẹ̀ láìka àmì sí, nǹkan ti bàjẹ́ níbẹ̀. Èkejì ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí ẹ bá dé 1, ẹ tún pín lẹ́ẹ̀kan sí i. 1 wọ inú 3 ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. Ẹ ṣe ẹ̀rí rẹ̀: 11 − 3 × (−30) = 11 + 90 = 101. Mọ́dù gan-an ló padà wá! Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbàkígbà tí ìdàkejì bá wà: ẹ̀rí òfo á jẹ́ mọ́dù, yálà pẹ̀lú àmì òdì tàbí láìsí i. Nígbà tí mo fi han ọmọkùnrin náà, ó fi ìka rẹ̀ lé 101 tó wà nísàlẹ̀, ó wo 101 tó wà lókè, ó sì tún ẹ̀rí ìlà tó kẹ́yìn yẹn ṣe fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe mú ẹ̀rí òfo bí ìdáhùn. Ìlà tí àṣẹ́kù ti jẹ́ 1 là ń mú, kì í ṣe ìlà tó kẹ́yìn.

Ọ̀nà "ó dín"

Àwa tí a ń ka 45 sí àádọ́ta ó dín márùn-ún, tí a ń ka 17 sí ogún ó dín mẹ́ta, kò yẹ kí òdì máa dẹ́rù bà wá. Ìkà tiwa gan-an ni ọ̀nà àbùjá kan wà nínú rẹ̀ fún pínpín yìí. Dípò ká máa sọ nígbà gbogbo pé nọ́mbà kan wọ inú òmíràn ní ìgbà báyìí "ó lé" báyìí, ẹ jẹ́ ká máa mú èyí tó bá sún mọ́ tòsí jù, ìbáà jẹ́ "ó lé" tàbí "ó dín".

101 jẹ́ 37 méjì ó lé 27. Ó tún jẹ́ 37 mẹ́ta ó dín 10. 10 kéré sí 27 púpọ̀, ẹ mú un. 37 mẹ́ta jẹ́ 111, ó fi 10 ju 101 lọ, nítorí náà ẹ̀rí 10 ni 3.

Wàyí o, 37 jẹ́ 10 mẹ́rin ó dín 3. Ìyẹn ni pé 3 jẹ́ 10 mẹ́rin tí a yọ 37 kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀rí 10 ni 3, ẹ̀rí 37 ni 1, nítorí náà ẹ̀rí 3 jẹ́ 4 × 3 − 1 = 11.

10 jẹ́ 3 mẹ́ta ó lé 1. Nítorí náà 1 jẹ́ 10 tí a yọ 3 mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ sì jẹ́ 3 − 3 × 11 = −30.

Ìpín mẹ́ta dípò márùn-ún, −30 kan náà la sì rí. Ohun tí ọ̀nà yìí gbà lọ́wọ́ wa ni àmì tó ń pààrọ̀: nínú "ó dín" kò pọn dandan kí àmì máa pààrọ̀ mọ́, nítorí náà ẹ kò lè fi wádìí. Mo máa ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ pé kí wọ́n fi "ó lé" ṣe é títí tí ọwọ́ wọn á fi mọ́ ọn. Ó lé náà kò gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1844, Lamé ará Faransé fi hàn pé iye ìpín kò lè ju ìlọ́po márùn-ún iye òǹkà tó wà nínú nọ́mbà kékeré lọ. Òǹkà méjì ló wà nínú 37, nítorí náà iṣẹ́ náà kò lè ju ìpín mẹ́wàá lọ. Tí ẹ bá ti dé ìpín kẹtàlá lórí 37, ẹ ti ṣìṣe níbì kan.

Ìgbà tí kò sí ìdàkejì

Kì í ṣe gbogbo nọ́mbà ló ní ìdàkejì. Ẹ gbìyànjú 21 nínú mọ́dù 91. 21 wọ inú 91 ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó ṣẹ́ ku 7. 7 wọ inú 21 ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. A ti dé òfo láìkọjá lórí 1. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní ìdàkejì. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: 7 pín 21, 7 pín 91, nítorí náà iye yòówù tí ẹ bá fi sọ 21 di púpọ̀, iye 91 yòówù tí ẹ bá yọ kúrò, ohun tó kù á ṣì jẹ́ ìlọ́po 7. Kò lè di 1 láéláé.

Ká ní ọjọ́ mẹ́fà ni ọ̀sẹ̀ wa, ohun tí ọjà ọrọọrún máa bá pàdé nìyẹn. 2 pín 4, ó sì pín 6. Ọjà tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní á bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn náà ọjọ́ kẹta, á tún padà sí ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ kejì, ìkẹrin àti ìkẹfà kò ní rí ọjà láé. Nítorí pé ọjọ́ méje ni ọ̀sẹ̀ wa ni ọjà fi ń kárí gbogbo ọjọ́.

Mọ́dù wo?

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ti kọ́kọ́ ń pàdé ìdàkejì ni ìfipamọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní RSA, èyí tó jáde ní 1977. Àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tí wíwádìí tí mo ti ń sọ bọ̀ kò lè mú, ẹ jẹ́ kí n fi nọ́mbà kéékèèké hàn yín.

Ẹ mú 11 àti 23, nọ́mbà méjì tí kò sí ohun tó lè pín wọn láìṣẹ́kù àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 253. Ẹ yọ 1 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún sọ wọ́n di púpọ̀: 10 × 22 = 220. Ká ní 7 ni kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo ayé lè rí. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí ni ìdàkejì 7 nínú mọ́dù 220. 7 wọ inú 220 ní ìgbà 31, ó ṣẹ́ ku 3, ẹ̀rí rẹ̀ −31. 3 wọ inú 7 ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó ṣẹ́ ku 1, ẹ̀rí rẹ̀ 1 + 62 = 63. Ẹ wádìí rẹ̀: 7 × 63 = 441, 220 méjì jẹ́ 440. Kọ́kọ́rọ́ náà ni 63.

Ẹni tó bá gbàgbé, tó lo 253 dípò 220, á rí i pé 7 wọ inú 253 ní ìgbà 36, ó ṣẹ́ ku 1, ẹ̀rí rẹ̀ −36, èyí tó di 217. Tó bá wádìí rẹ̀, 7 × 217 = 1519, 253 mẹ́fà jẹ́ 1518, ó ku 1. Gbogbo rẹ̀ pé! Síbẹ̀ 217 kò ní ṣí ọ̀rọ̀ tí a fi 7 tì. Ìdàkejì tòótọ́ ni, ṣùgbọ́n mọ́dù tí kì í ṣe ti iṣẹ́ náà ló ti wá. Tí ọ̀rọ̀ yín bá kọ̀ tí kò ṣí, tí ìṣirò sì pé, mọ́dù ni kí ẹ padà lọ wò.

Lórí kọ̀ǹpútà

Tábìlì tí a kọ sórí bébà kò yàtọ̀ sí ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe. Ìlà méjì péré ló nílò láti rántí nígbà kan: èyí tó wà lókè àti èyí tó wà lókè ìyẹn. Nínú èdè Python:

```python
def idakeji(a, m):
    r0, r1 = m, a % m
    t0, t1 = 0, 1
    while r1 != 0:
        q = r0 // r1
        r0, r1 = r1, r0 - q * r1
        t0, t1 = t1, t0 - q * t1
    if r0 != 1:
        return None
    return t0 % m
```

`q` ni iye ìgbà, `r` ni àṣẹ́kù, `t` ni ẹ̀rí. Ìlà tó kẹ́yìn ló ń sọ −30 di 71. Tí ẹ bá gbé e lọ sí èdè C, ẹ má gbára lé ìlà yẹn, torí níbẹ̀ `-30 % 101` á ṣì jẹ́ −30. Ẹ kọ `(t0 % m + m) % m` dípò rẹ̀. Láti Python 3.8 ni `pow(37, -1, 101)` ti ń fúnni ní 71 tààrà. Òun ni mo fi máa ń wo iṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn tí mo bá ti ṣe é tán.

Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe 23 nínú mọ́dù 120. Bí ẹ bá lo "ó lé", ìpín mẹ́rin ló máa gbé yín dé 1, ẹ̀rí rẹ̀ á jẹ́ 47, ẹ kò sì ní fi mọ́dù kún un torí kì í ṣe òdì. Ẹ tún pín lẹ́ẹ̀kan sí i dé òfo. Bí ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ kò bá jẹ́ −120, ẹ padà sí ìlà tí àmì kò ti pààrọ̀.